Ìgbóná Inú Àpótí Ìsàba àti Nọ́ńbà Tí Ẹ̀rọ Ń Kọ Sílẹ̀

Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná LM35 kì í gbé nọ́ńbà jáde. Iná kékeré ló ń gba ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ jáde, mílífóltì 10 fún dígírì Sẹ́síọ́sì kọ̀ọ̀kan. Bí ibi tó wà bá gbóná dé dígírì 30, mílífóltì 300 ni yóò gbé jáde. Bó bá dé dígírì 37.5, ó di mílífóltì 375. Iná yìí ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfo ibì kankan, gẹ́gẹ́ bí ìgbóná fúnra rẹ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n máíkírókọntirólà, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí ẹ̀rọ akọ̀wé-dátà, kò lè kọ iná sórí káàdì. Odindi nọ́ńbà ló ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yà kan wà nínú ṣíìpù náà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wọn fóltéèjì tó wọlé, kó sì sọ ọ́ di odindi nọ́ńbà. Ẹ̀yà yìí ni asọná-di-nọ́ńbà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé.

Àpótí ìsàba ẹyin adìẹ jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan ènìyàn ní tààrà. Àpótí tó ní fáànù nínú ní láti dúró ní nǹkan bíi dígírì 37.5 sí 37.8 fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ 21 tí ẹyin fi ń di òròmọdìẹ. Bí ìgbóná bá lọ sílẹ̀ jù fún ọjọ́ mélòó kan, ọlẹ̀ inú ẹyin á máa lọ́ra dàgbà, ọjọ́ tí wọ́n ó pa á sì sún síwájú. Bó bá lé jù, púpọ̀ nínú wọn ni yóò kú sínú èèpo. Ìyàtọ̀ dígírì kan ṣoṣo tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ akọ̀wé mọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lo bọ́ọ̀dù Arduino Uno kan, sẹ́ńsọ̀ LM35 kan àti mẹ́mórì káàdì kan. Ohun tí yóò máa rí kà lórí káàdì náà ni nǹkan bíi 37.60, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojúàmì. Ó rọrùn láti gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ tó kọ 37.60 mọ ìgbóná dé orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì. Kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ rárá, ìṣirò kékeré ló sì máa fi hàn.

Ṣíìpù tó wà lórí Arduino Uno ni ATmega328P, asọná-di-nọ́ńbà inú rẹ̀ sì jẹ́ ti bíìtì 10. Bíìtì kan lè dúró fún ohun méjì, òdo tàbí ení. Bí a bá fi bíìtì kan kún un, iye ohun tí wọ́n lè dúró fún á di ìlọ́po méjì. Bíìtì mẹ́wàá wá jẹ́ 1024, láti 0 dé 1023. Ẹ̀yà náà ń mú fóltéèjì kan tó fi ṣe òdiwọ̀n, ó ń pín in sí ìpele 1024 tó dọ́gba, ó sì ń sọ ìpele tí iná tó wọlé sún mọ́ jù lọ. Bí ìwé ìlò ṣíìpù náà ṣe kọ ọ́ nìyí:

```
ADC = Vin × 1024 / Vref
```

Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn fún Arduino Uno, fóltì 5 tó ń gbé bọ́ọ̀dù náà ṣiṣẹ́ ló máa fi ṣe òdiwọ̀n. Fóltì 5 tí a pín sí ọ̀nà 1024 jẹ́ mílífóltì 4.88 fún ìpele kan. Nígbà tó sì jẹ́ pé mílífóltì 10 ni LM35 ń gbé jáde fún dígírì kan, ìpele kan á jẹ́ dígírì 0.49. Èyí ni agbára ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀rọ náà. Ìyàtọ̀ ìgbóná tó bá kéré sí nǹkan bí ìlàjì dígírì lè ṣẹlẹ̀ kí ó sì parí láìjẹ́ pé nọ́ńbà kankan yí padà lórí káàdì.

Ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àpótí wà ní dígírì 37.5 gẹ́lẹ́. Sẹ́ńsọ̀ gbé mílífóltì 375 jáde. Ìṣirò òkè yẹn fún wa ní 76.8, ṣùgbọ́n kò sí ìpele 76.8; ẹ̀rọ náà mú 77, èyí tó sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá wá yí 77 padà sí ìgbóná, ó jẹ́ dígírì 37.60. Gbogbo ìgbóná tó bá wà láàárín 37.35 àti 37.84 ló máa bọ́ sínú ìpele 77 kan náà, gbogbo wọn ló sì máa di 37.60 lórí káàdì. Bí ìgbóná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí 37.35, nọ́ńbà náà á já lójijì sí 37.11. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ ń lo téèpù tí wọ́n fa ìlà ínṣì sí nìkan: bó ti wù kó fẹ̀sọ̀ wọn aṣọ tó, ọ̀dọ̀ ìlà tó sún mọ́ jù ni ẹnu rẹ̀ máa dúró sí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fóltéèjì tó wọlé ní òótọ́ àti ìpele tí ẹ̀rọ mú ni àṣìṣe ìpele. Kì í ju ìlàjì ìpele kan lọ, ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀. Fún àpótí wa, ìyẹn jẹ́ dígírì 0.24. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́ ló fa àṣìṣe yìí. Títa nǹkan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sínú odindi nọ́ńbà ló ń bí i, kò sì sí asọná-di-nọ́ńbà tí kò ní tirẹ̀. Ọ̀nà tí ènìyàn fi lè dá a mọ̀ rọrùn: bí a bá ya àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan sórí ìwé, dípò ìlà tó ń lọ wẹ́rẹ́, àtẹ̀gùn la máa rí, gbogbo àtẹ̀gùn náà yóò sì ga bákan náà, 0.49, 0.49. Àwọn nọ́ńbà díẹ̀ kan náà ni yóò máa tún ara wọn sọ, 37.11, 37.60, 38.09, tí ohunkóhun kò sì ní sí láàárín wọn. Ìgbóná gidi kì í rìn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti sọ ìpele di kékeré láìra ṣíìpù mìíràn. Fóltì 5 pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Àpótí ìsàba kò ní gbóná dé dígírì 50 láéláé, ìyẹn mílífóltì 500, nítorí náà ìpele tó lé ní 900 nínú 1024 ló jókòó láìríṣẹ́ ṣe. ATmega328P ní òdiwọ̀n mìíràn nínú ara rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi fóltì 1.1. Ìlà kan péré ló ń mú un ṣiṣẹ́:

```
analogReference(INTERNAL);
```

Fóltì 1.1 tí a pín sí 1024 jẹ́ mílífóltì 1.07, ìyẹn dígírì 0.107 fún ìpele kan. Àṣìṣe ìpele wá kù sí bíi dígírì 0.05. A ṣì lè wọn ìgbóná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 110, èyí tó ju ohun tí àpótí nílò lọ fíìfíì. Kí a dá ìwọ̀n díẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá wáyé lẹ́yìn ìlà yìí nù, nítorí òdiwọ̀n tuntun náà ń gba àkókò díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí nìyí, níbẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù. Ìpele ti kéré, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé nọ́ńbà ti di òótọ́. Ìwé ìlò ṣíìpù náà sọ ọ́ kedere pé òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní fóltì 1.1 lè jẹ́ ohunkóhun láti 1.0 dé 1.2, ti ṣíìpù kan kì í sì í bá ti òmíràn dọ́gba. Ká ní ti bọ́ọ̀dù kan jẹ́ fóltì 1.08. Ní dígírì 37.5, iná mílífóltì 375 á bọ́ sí ìpele 356. Ètò tó gbàgbọ́ pé fóltì 1.1 ni òdiwọ̀n á ka ìyẹn sí dígírì 38.2. Ẹ̀rọ náà lè rí ìyàtọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ ó fi dígírì 0.7 ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣìnà bákan náà lójoojúmọ́. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ á lẹ́wà, kò ní fò sókè sódò, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí yóò ta ènìyàn lólobó.

Ẹni tó ṣì ń lo fóltì 5 kò bọ́ lọ́wọ́ irú wàhálà yìí. Tirẹ̀ tilẹ̀ burú jù. Fóltì 5 tó ń ti okùn USB wọlé kì í dúró sójú kan. Bí iná ìjọba bá lọ, tí ẹ̀rọ wá bọ́ sórí páwà báńkì tó ń gbé fóltì 4.8 wá, mílífóltì 375 kan náà á di ìpele 80, ètò á sì kà á sí dígírì 39.1. Ìgbóná inú àpótí kò yẹ̀, òdiwọ̀n ló yẹ̀. Bí ènìyàn bá rí i lórí káàdì pé ìgbóná fò ní ìṣẹ́jú kan náà tí iná lọ tàbí tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kó kọ́kọ́ fura sí òdiwọ̀n kó tó fọwọ́ kan ohun tó ń mú àpótí gbóná. Òdiwọ̀n inú ṣíìpù kì í bá iná tó ń wọlé yí bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tó fi dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Kí a tó dé orí títún nọ́ńbà ṣe, ó kù ohun kan tí a lè ṣe sí ìtóbi ìpele. Dípò kí ẹ̀rọ wọn iná lẹ́ẹ̀kan, kó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, kó sì mú àárín gbogbo rẹ̀. Nínú iná gidi, ariwo díẹ̀ máa ń wà tó ń ti fóltéèjì sókè sódò. Bí iná bá wà nítòsí ààlà ìpele 358 àti 359, ariwo yìí á mú kí ìwọ̀n kan jẹ́ 358, kí òmíràn jẹ́ 359, iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yọ ló máa sọ ibi tí iná náà wà láàárín wọn. Ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún lè fún wa ní ohun tó tó bíìtì méjì sí i, ìyẹn ni pé ìpele kan á pín sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ariwo gbọ́dọ̀ tó ìpele kan kí èyí tó ṣiṣẹ́. Bí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún bá ń jẹ́ 358 láìyẹ̀, àárín wọn ṣì máa jẹ́ 358, ènìyàn kò rí nǹkan kan gbà. Kí a tẹ àwọn ìwọ̀n náà jáde lẹ́ẹ̀kan kí a sì wò wọ́n. Ojú lásán ti tó láti mọ̀ bóyá ariwo wà. Bó ti wù kí ó rí, mímú àárín kò lè ṣàtúnṣe fóltì 1.08 tí ẹ̀rọ rò pé ó jẹ́ 1.1. Gbogbo ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún náà ló jọ ṣìnà sí apá kan.

Ohun tó lè ṣe ìyẹn ni ìmúbáramu: kí a fi ẹ̀rọ náà wé tẹmọ́mítà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí a wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀, kí a sì kọ́ ètò kọ̀ǹpútà láti yọ ìyàtọ̀ náà kúrò. Ibi méjì ni a ó ti fi wọ́n wéra, nítorí oríṣi àṣìṣe méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo, bíi sẹ́ńsọ̀ tó ń fi 0.3 lé ohun gbogbo. Èkejì ń pọ̀ bí ìgbóná bá ṣe ń pọ̀, bí irú èyí tí òdiwọ̀n tí kò péye ń fà. Ìwọ̀n ẹyọ kan kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìwé púpọ̀ ló ń sọ pé kí a lo omi yìnyín, tó jẹ́ dígírì 0, àti omi tó ń hó, tó jẹ́ 100. Ìmọ̀ràn yìí kò bá ẹ̀rọ wa mu. LM35 tí a so lọ́nà tó rọrùn, láìsí iná òdì, kì í lè wọn ohun tó tutù ju dígírì 2 lọ, nítorí náà nọ́ńbà tó bá sọ nínú yìnyín kò wúlò. Omi pẹ̀lú kì í hó ní 100 níbi gbogbo: bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni yóò ṣe hó ní ìgbóná tó kéré tó, ní Jọ́ọ̀sì tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, nǹkan bíi dígírì 96 ló ti ń hó. Yàtọ̀ sí èyí, 0 àti 100 jìnnà sí ibi tí ẹyin nílò. Dígírì 30 àti 45 ló dára jù, nítorí 37.5 bọ́ sí àárín wọn. Kí àwọn ibi méjèèjì má sì súnmọ́ra jù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 37 tí èkejì sì jẹ́ 38, àṣìṣe kékeré ní kíka tẹmọ́mítà á fa ìlà náà wọ́.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù ju ọgbọ́n lọ. Kí a fi rọ́bà tí omi kò lè gbà kọjá bo sẹ́ńsọ̀ àti ìsopọ̀ wáyà rẹ̀ dáadáa, nítorí omi tó bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ á da nọ́ńbà rú. Kí a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹmọ́mítà, kí orí àwọn méjèèjì kàn ara wọn, kí a sì kì wọ́n bọ omi inú fúláàsì, tó ń mú kí omi pẹ́ kó tó tutù. Kí a máa ro omi náà, nítorí omi tí a kò rò máa ń gbóná lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí a dúró títí nọ́ńbà méjèèjì yóò fi yé yí padà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ìkánjú níbí ló ń ba ìmúbáramu jẹ́ jù lọ. Tẹmọ́mítà àti sẹ́ńsọ̀ kì í yára bákan náà, bí omi bá sì ń tutù lọ́wọ́, ọ̀kan á ti dé ibi tí èkejì kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Nígbà tí tẹmọ́mítà jẹ́ 30.0, àárín ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún láti inú ẹ̀rọ jẹ́ 287.3. Nígbà tó jẹ́ 45.0, ó jẹ́ 429.5. Bí ètò bá lo fóltì 1.1 lásán, ó máa ka àkọ́kọ́ sí 30.9, á sì ka èkejì sí 46.1: ó ṣìnà ní ibi méjèèjì, ó sì ṣìnà jù lókè. Láàárín wọn, dígírì 15 ni ìgbóná fi gòkè, nọ́ńbà ẹ̀rọ sì fi 142.2 gòkè. 15 tí a fi 142.2 pín jẹ́ 0.10549, iye dígírì tí ìpele kan jẹ́ ní òótọ́ lórí bọ́ọ̀dù yìí nìyẹn. 0.10549 lọ́nà 287.3 jẹ́ 30.307, ṣùgbọ́n 30.0 ló yẹ kó jẹ́, nítorí náà a ó máa yọ 0.307 kúrò níbi gbogbo. Nọ́ńbà méjì yìí ni gbogbo ìmúbáramu. Wọ́n kó àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ àti ti òdiwọ̀n pọ̀ sójú kan, kò sì sí ìdí láti mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan.

```
float igbona() {
  long s = 0;
  for (int i = 0; i < 16; i++) {
    s += analogRead(A0);
    delay(5);
  }
  float raw = s / 16.0;
  return 0.10549 * raw - 0.307;
}
```

Kí a kíyè sí `16.0`. Bí a bá kọ `16` láìsí ojúàmì, ṣíìpù á ju gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn odindi nọ́ńbà nù, èrè tí a rí nínú mímú àárín á sì ṣòfò láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ìlà tí a fa gba ibi méjì kọjá máa ń bá ibi méjèèjì yẹn mu dandan, nítorí náà kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ibi kẹta ló ń dán an wò. Kí a mú omi wá sí ìtòsí 37.5, kí a sì wò ó. Tẹmọ́mítà onínọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ibà, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, wúlò púpọ̀ níbí: bí kò tilẹ̀ wọn ohun tó jìnnà sí ìgbóná ara ènìyàn, àyíká 37 gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ìwé inú páálí rẹ̀ sì sábà máa ń sọ pé kì í ṣìnà ju 0.1 lọ níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ 37.5, nọ́ńbà ẹ̀rọ sì jẹ́ 358.9, èyí tí ìlà tuntun kà sí 37.55. Ìlà àtijọ́ ìbá kà á sí 38.55, olówó àpótí ìbá sì ti fi dígírì kan dín iná ẹyin tí ara wọn dá kù. Bí ibi kẹta bá yàtọ̀ ju 0.2 tàbí 0.3 lọ, kí a má ṣe tún ìlà fà láti bá a mu. Omi tí a kò rò, tẹmọ́mítà tí a kò dúró dè tàbí rọ́bà tó ń jò ló sábà máa ń fà á, kí a tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmúbáramu kò lè dára ju tẹmọ́mítà tí a fi ṣe é lọ. Èyí tí wọ́n fa ìlà sí ní dígírì kan-kan kò lè sọ ẹ̀rọ di olóòótọ́ dé ìdá mẹ́wàá dígírì, bó ti wù kí ìpele kéré tó. Ìlà wa kò sì ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn 30 àti 45. Asọná-di-nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lè yẹ̀ ní nǹkan bí ìpele méjì gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlò rẹ̀ ti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmúbáramu ń mú púpọ̀ nínú ìyẹn kúrò. Fún gbogbo èyí, ẹ̀rọ tí a ṣe dáadáa lè sọ òótọ́ dé nǹkan bíi dígírì 0.2, ìyẹn sì tó fún ẹyin. Kí ètò tẹ ìgbóná pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́yìn ojúàmì, nítorí èkejì kò ní ohun tó ń dúró fún.

Lórí káàdì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àkókò, nọ́ńbà tó jáde tààrà láti inú ẹ̀rọ, àti ìgbóná tí a ṣírò. Bí a bá rí i lẹ́yìn oṣù méjì pé ìmúbáramu ní àṣìṣe, nọ́ńbà tààrà yẹn ni a ó fi tún gbogbo àkọsílẹ̀ ṣírò. Ẹni tó tọ́jú ìgbóná nìkan lè má rí ọ̀nà padà. Nọ́ńbà méjì tí a rí nínú omi sì jẹ́ ti bọ́ọ̀dù yẹn àti sẹ́ńsọ̀ yẹn nìkan. Bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn, kí a tún gbé omi kaná.